Màmá Dá-a-Padà àti Ẹran Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín, kò tíì sí ẹni tó ta ọjà burúkú fún Màmá Dá-a-Padà tó sì fọkàn balẹ̀ sùn. Bàbá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àwọn tó ń kó ọjà wá sí ilé oúnjẹ rẹ̀ ló fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti pè é lójú rẹ̀. Tòmátì tó bá ti lójú dúdú kan ṣoṣo, "Ẹ dá a padà." Búrẹ́dì tí iná jó lẹ́yìn, "Ẹ dá a padà." Ó ti dá iyọ̀ padà rí. Iyọ̀ o! Iyọ̀ tí kì í rà, tí kì í kẹ̀, ó ní àpò rẹ̀ lómi lábẹ́. Ẹni tó gbé e wá wo iyọ̀, ó wo Màmá, ó gbé iyọ̀ rẹ̀ lé orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ká má sì bú obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ta oúnjẹ, inú kò run ẹnikẹ́ni rí nítorí rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi góòlù sọ́rùn, tẹmómítà ni tirẹ̀, èyí tó ní irin ṣóńṣó lẹ́nu, ó fi okùn so ó kọ́ ọrùn. Bí ẹran bá dé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn láàárọ̀, kò ní kí ẹ káàbọ̀, kò ní kí ẹ jókòó, àfi kó kọ́kọ́ ki irin yẹn bọ àárín ìdì ẹran méjì, kó sì dúró tì í bí ẹni ń retí èsì ìdánwò ọmọ. Tó bá ka dígírì márùn-ún tàbí kó dín, ẹran wọlé. Tó bá ju márùn-ún lọ, ẹ ti mọ ohun tó máa sọ.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó wà ní òpin òpópónà kúkurú. Ìsàlẹ̀ níwájú ni àwọn oníbàárà ti ń jẹun, ẹ̀yìn ni ilé ìdáná wà, ilé ìdáná sì ṣí sí àgbàlá kékeré kan tí ọkọ̀ lè fi ẹ̀yìn wọ̀. Òkè ni wọ́n ń gbé, fèrèsé yàrá wọn sì wà lókè àgbàlá yẹn gan-an. Màmá ló ń sè, Bàbá ló ń gba ọjà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo awakọ̀ tó bá gbé nǹkan wá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kí wọ́n dá ọjà padà, òun ló máa sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀, á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, èmi náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ.

Ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún wúwo, ọ̀rọ̀ sì ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà sọ fún Màmá pé oògùn á ṣe tirẹ̀, pé kí wọ́n máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ara tí kò bá rí oorun sùn kò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe. Oorun gan-an ni Bàbá kò sì rí. Á la ojú sílẹ̀ mọ́jú, á máa wo àjà. Màmá á jókòó tì í, á máa fi ọwọ́ pa á lórí, ẹ̀rù á sì máa bà á ju bó ti lè sọ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó ti bá a jà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Nígbà tó yá, ṣàdédé, oorun dé. Ìdájí ló máa ń gbé Bàbá lọ, á sì sùn títí oòrùn á fi mú. Láàárín oṣù mélòó kan, ìka ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ó di pé ó ń di orí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń dìde jókòó fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pe orúkọ Màmá tó mọ́ gaara, Màmá fi aṣọ ìdáná bo ojú, ó sunkún lórí àlùbọ́sà, ó ní àlùbọ́sà ni.

Ẹ wá wo ọpẹ́! Màmá Dá-a-Padà tí kì í kí oníbúrẹ́dì, ó di ẹni tó ń dúpẹ́ kiri àdúgbò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, ó gbé ọsàn lọ fún oníkẹ́míìsì tó ta oògùn oorun fún wọn. Ó ran aṣọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ Bàbá. Aládùúgbò tó ń gbàdúrà fún wọn, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló ń jẹ, ó sì ti ń sanra. Kódà káfíńtà tó kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ń dún, Màmá ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó bu ọbẹ̀ fún un. Káfíńtà kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ta ni í kọ ọbẹ̀?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan awakọ̀ ẹran.

Ọkùnrin náà ti ń gbé ẹran wá fún wọn láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Jẹ́jẹ́ ni Bàbá sọ ọ́, nítorí pé ohun gbogbo tó bá ń ṣe, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é: á ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ jẹ́jẹ́, á gbé páálí sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ jòjòló, á sì kí èèyàn bí ẹni tí kò fẹ́ da etí láàmú. Ọkọ̀ onífíríìjì ló ń wà, èyí tí ẹ̀rọ tó ń mú un tutù wà lókè orí rẹ̀. Ilé oúnjẹ Màmá ni òpin ìrìn rẹ̀ láàárọ̀, tó bá ti já ti àwọn yòókù sílẹ̀.

Lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ara Bàbá kò yá. Ibà díẹ̀ mú un, ó ń gbọ̀n. Ìdájí ni oorun tó gbé e lọ, ó sì di ọwọ́ Màmá mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ọwọ́ tó ti kú tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ já ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbà? Màmá ní òun á dúró díẹ̀. Oorun gbé òun náà lọ níbi tó jókòó sí. Nígbà tó fi ta jí, oòrùn ti gun orí ògiri àgbàlá. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá Jẹ́jẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó ń dúró. Kò tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"O ò sì tẹ aago!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀, mà."

Wọ́n gbé páálí jáde. Màmá ki irin bọ àárín ìdì ẹran lílọ̀. Ó wò ó. Ó nù ún, ó tún kì í bọ ibòmíràn. Mọ́kànlá. Ó bọ́ sí ti adìyẹ, mẹ́sàn-án. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀rá tó wé ẹran, lójú tirẹ̀ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọdé.

"Jẹ́jẹ́, kí lèyí?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú."

"Mi ò ní kí o bẹ̀ mí, mo ní kí lèyí? Ọkọ̀ onífíríìjì kọ́ nìyí? Bí mo bá pẹ́, tí mo pẹ́ di alẹ́ pàápàá, ṣé kò yẹ kí ẹran wà nínú òtútù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, mà."

"Kí ló wá ṣe é?"

Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè wo fèrèsé, ó gbé e sílẹ̀. Inú wá bí Màmá gan-an, nítorí pé ohun méjì ni kò lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ọjà burúkú, àti ẹni tí a ń bi ní ọ̀rọ̀ tó ń wo ilẹ̀. Ó bu yìnyín sínú omi, ó ki tẹmómítà bọ inú rẹ̀ níṣojú ọkùnrin náà, ó ka òdo géérégé, bó ṣe yẹ kí omi yìnyín kà. "O rí i? Tẹmómítà mi kò parọ́." Ó kọ ọ́ sára ìwé ẹrù pé òun kò gbà á, Jẹ́jẹ́ fọwọ́ sí i, ó kó ẹran rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀wà àti ẹyin ni ilé oúnjẹ náà tà, àwọn oníbàárà sì kùn bí oyin.

Màmá kò tiẹ̀ dúró kí inú rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó kọ lẹ́tà.

"Sí Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ẹran. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹran tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ òní lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹran lílọ̀ ka dígírì mọ́kànlá, adìyẹ ka mẹ́sàn-án. Márùn-ún ni àdéhùn wa, ẹ sì mọ̀ ọ́n. N kò gba ìkankan, awakọ̀ yín fọwọ́ sí i. Bí mo bá fẹ́ ẹran gbígbóná, mo ní ààrò nílé. Àwọn èèyàn ń kó ọmọ wọn wá jẹun lọ́dọ̀ mi, n kò ní torí yín fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní inú rírun. Mo fẹ́ ẹran mìíràn tó tutù, mo fẹ́ kí ẹ yẹ ìwé tí ẹ̀rọ ọkọ̀ yín fi ń kọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù sí, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí awakọ̀ yín fi òtútù náà ṣe. Ẹni tí kò bá lè gbé ẹran tútù dé ọ̀dọ̀ mi, kó lọ máa gbé iyanrìn."

Ó kà á, ó dùn mọ́ ọn. Pàápàá ibi iyanrìn yẹn. Ó ka ibẹ̀ fún Bàbá lókè, Bàbá sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Jẹ́jẹ́ wa? Ó tì o. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀." Màmá ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ àfi ẹran gbígbóná. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ẹran kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n fi ẹran tuntun ránṣẹ́, ó tutù dáadáa, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ ń yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá. Ìdájí ọjọ́ kejì ló wọ àgbàlá: wùùùùù! Ẹ̀rọ orí ọkọ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lówó, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń dún gbàù, ọ̀dọ́mọkùnrin ń súfèé sí i. Ẹran ka dígírì mẹ́ta. Màmá mi orí, ó ní, "Èyí ni ẹran."

Ṣùgbọ́n nígbà tó gòkè lọ, Bàbá ti la ojú sílẹ̀.

Màmá ní bóyá ọjọ́ yẹn nìkan ni. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹran tún dé, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, Bàbá kò tilẹ̀ dúró de ariwo mọ́. Bí ìdájí bá ti ń sún mọ́, ara rẹ̀ á máa le kalẹ̀ de ọkọ̀. Ojú rẹ̀ wọnú. Ọwọ́ ọ̀tún tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ife já lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Màmá sáré lọ bá oníkẹ́míìsì, ó ní oògùn wọn kò jẹ́ mọ́. Oníkẹ́míìsì ní oògùn kan náà ni, láti inú páálí kan náà. Màmá sì fẹ́ bínú torí ọsàn rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Màmá ń fún un ní ògì mu, ó ní, "Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n tún gbé padà, àbí?"

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ ẹran. Ṣebí Jẹ́jẹ́ ti gba ọkọ̀ tuntun tí kì í dún? Láti ìgbà tí ariwo yẹn ti dáwọ́ dúró ni mo ti ń rí oorun sùn. Mo rò pé o mọ̀."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò mọ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Láti ìdájí ni ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde nínú ilé ìdáná ti máa ń ké mọ́ ọn lórí. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún dé, ó dúró dè é ní àgbàlá.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí ọkọ̀ tìrẹ ń pariwo?"

"Màmá, gbogbo wọn ló ń pariwo. Tí ẹ bá gbọ́ tó dákẹ́, kò mú nǹkan tutù nìyẹn."

"Ti Jẹ́jẹ́ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ nìyí, mà. Ọkọ̀ kan náà ni." Ọmọ náà wò yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Lẹ́yìn lẹ́tà yín ni Ọ̀gá yẹ ìwé ẹ̀rọ wò, ó rí i pé ó máa ń pa ẹ̀rọ orí ọkọ̀. Wọ́n ní dísẹ̀lì tí ẹ̀rọ náà ń mu ló ń jí tà. Ọ̀la ni wọ́n máa pè é wọlé, mà, wọ́n á sì lé e. Wọ́n bi í títí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń ṣe."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó rántí. Áà! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn Bàbá, Jẹ́jẹ́ bi Màmá lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà pé, "Bàbá ńkọ́, mà? Ṣé ara ń mókun?" Òun náà, pẹ̀lú àárẹ̀ àti ìrora, kanra dá a lóhùn pé, "Ara wo? Kò rí oorun sùn mọ́jú. Ìdájí tí oorun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ ni ọkọ̀ yín á dé, wùùù, á ta jí." Ó sọ ọ́, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ ro ọbẹ̀. Kò tún rántí rẹ̀ mọ́ láyé. Àṣé ọkùnrin kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó sì ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu òpópónà ní gbogbo ìdájí tó bá ń bọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ó sọ ẹrù kalẹ̀ kó sì tún un tàn, ẹran kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọjọ́ tí òun Màmá sùn gbàgbé, tí Jẹ́jẹ́ kò lè tan ẹ̀rọ, tí kò sì lè tẹ aago, nítorí pé aago náà, òkè ló ń dún sí.

"Gbogbo ẹni tí kò ṣe é ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ló ń sọ fún Bàbá nígbà tó gòkè, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí àlùbọ́sà kankan nítòsí. "Mo gbé ọsàn fún oníkẹ́míìsì, mo bu ọbẹ̀ fún káfíńtà. Ẹni tó ṣe é gan-an, mo ní kó lọ máa gbé iyanrìn!"

Bàbá wò ó. Ó ní, "Lọ mú un padà wá. O mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ti ilé oúnjẹ pa lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí láyé, ó wọ takisí lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹran. Ibi títutù ni, òórùn omi ọṣẹ gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá ẹran, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun, wà nídìí tábìlì rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì dúró níwájú rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe rí Màmá, ó rò pé ó wá fi kún un ni. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá."

"Dìde jọ̀ọ́, má sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀," ni Màmá wí. "Ọ̀gá, èmi ni mo kọ lẹ́tà."

Ọ̀gá dìde, ó fún un ní àga. "A mọ̀ yín, mà." Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló kù. "Ọ̀rọ̀ yín la ń bójú tó lọ́wọ́. Ẹ wò ó fúnra yín." Ó tẹ́ ìwé kan sílẹ̀, ìwé tí ẹ̀rọ ya ilà gígùn kan sí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. "Ilà yìí ni òtútù inú ọkọ̀. Ẹ rí i bó ṣe lọ gbọọrọ nísàlẹ̀ láti ibí. Ẹ wá wo òpin rẹ̀, ó gòkè. Ọjọ́ mìíràn rèé, ó tún gòkè níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ yín, mà! Èyí tó gùn jù yìí ni ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà. Ó ń pa ẹ̀rọ, ó ń tọ́jú dísẹ̀lì, ó sì ń tà á."

Màmá fi ìka tẹ ibi tí ilà ti gòkè.

"Ibí yìí? Oorun ọkọ mi nìyí."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Màmá wá sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: àìsàn, oorun, fèrèsé òkè àgbàlá, ọ̀rọ̀ tí òun sọ tí òun gbàgbé. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀ bí àṣà rẹ̀. "Ẹ tún wo ìwé yín dáadáa," ni Màmá wí. "Ọ̀nà jíjìn tó tọ̀ láti ibí, ilà kò gbéra. Ilé gbogbo àwọn yòókù tó dúró sí, kò gbéra. Olè dísẹ̀lì wo ló máa fi odindi ọ̀nà sílẹ̀, tó máa wá jí ìwọ̀nba tó wà lẹ́nu òpópónà mi? Bí olè bá wọ ilé ìdáná mi, ṣé ẹ̀kún ṣíbí ló máa bù kó tó lọ?"

Ọ̀gá tún ìwé wò, ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ọ̀gá, bí mo bá ní torí Bàbá ni, ṣé kì í ṣe pé mo gbé ẹ̀bi lé aláìsàn lórí? Màmá náà á máa rò ó. Ẹran sì gbóná lóòótọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó gbóná."

"Ẹran gbóná," ni Màmá wí, ó gbé ìka sókè. Ẹ má rò pé ó ti di ẹlòmíràn o. "Lẹ́tà mi, n kò kó o padà. Ẹran tó ka mọ́kànlá, ọmọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ìbáà ṣe nítorí ọkọ mi. Àfi ibi iyanrìn yẹn nìkan ni mo kó padà. Ẹ bá mi pa ibẹ̀ rẹ́."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní ohun tí Jẹ́jẹ́ ṣe kò tọ́, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe láé. Ìwé ìkìlọ̀ máa wọ inú fáìlì rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ọkọ̀ ẹran, wọn kì í pa á. Ó wá gba ara rẹ̀ ní ẹ̀bi pé àwọn kì í yẹ ìwé ẹ̀rọ wò àfi bí oníbàárà bá pariwo. Bí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, ó ní, ibi tí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ ni kó gbé ọkọ̀ dúró sí, òun kò ní wí nǹkan. Màmá ní ṣé ó rí i, ọgbọ́n kò jìnnà. Ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì wà lẹ́nu òpópónà. Kí ọkọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó máa ké bó ṣe fẹ́. Òun á ra àpótí tó ń pa òtútù mọ́, Jẹ́jẹ́ á kó ẹran sínú rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín, á sì fi ọmọlanke tì í wá.

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá dúró ní ìta, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ méjèèjì mú.

"O fún mi ní ọkọ mi padà," ló wí, "èmi sì kọ lẹ́tà fi ẹjọ́ rẹ sùn. Dárí jì mí. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀." Jẹ́jẹ́ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ló ń kí ní "ẹ" yẹn, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Àwa náà dúpẹ́, Màmá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ṣé Bàbá ti ń sùn?"

"Láti ọ̀la, á sùn."

Ìdájí tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó gbọ́ ẹ̀rọ lọ́nà jíjìn, ohùn tín-ín-rín kan lẹ́yìn ògiri, bí ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà, ó rí Jẹ́jẹ́ tó ń ti ọmọlanke bọ̀, kò dún, kò sì jọ pé orí ilẹ̀ ló ń rìn. Ó ti fi rọ́bà táyà àtijọ́ we àwọn ẹsẹ̀ ọmọlanke náà. Ta ló sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́nì kan.

Màmá kò kí i. Ó ṣí àpótí, ó ki irin bọ àárín ìdì méjì, ó dúró. Dígírì mẹ́ta. Ó fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Lẹ́yìn náà ló wá fa bébà tó ká sí méjì jáde nínú àpò aṣọ ìdáná, ó nà án sí i. Jẹ́jẹ́ wo bébà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, lẹ́tà tún ni?"

"Kà á."

Jẹ́jẹ́ ṣí i lábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà. Ìwé Màmá ni, ìkọ̀wé líle kan náà:

"Sí Jẹ́jẹ́, awakọ̀ ẹran. Ẹran tí ẹ gbé wá láàárọ̀ òní dé, ó tutù. Ọkọ mi ń sùn lọ́wọ́. N kò ní ohun kankan tí mo fẹ́ dá padà."

Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Ó gbójú sókè wo fèrèsé tó wà ní títì, ó ká lẹ́tà náà jẹ́jẹ́, ó fi í sábẹ́ fìlà, ó sì ti ọmọlanke òfìfo rẹ̀ padà sẹ́nu òpópónà.